Bí Jẹ́jẹ́ Ṣe Rí Bàbá Ọmọ

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ilé ẹjọ́ ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nítorí kì í sáré, kì í sì í pariwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ rí i lẹ́nu ọ̀nà wọn, àmọ́ kò bínú sí wọn rí. Ó máa ń sọ fún wa pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí òun kò bá rí ẹni náà, ta ni yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀?

Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì nígbà tí ọ̀ràn ìyá àgbà kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ìyá àgbà náà ti kú, ó fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀, ìyá àgbà ló sì ń tọ́ ọ. Etí ń dun ọmọ ọ̀hún, àwọn dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ní alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ ló gbọdọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyá àgbà lọ sí kóòtù kí wọ́n fi òun ṣe alágbàtọ́. Adájọ́ ní ó dára, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi tó bàbá ọmọ létí. Awakọ̀ ni bàbá ọmọ. Ẹ̀yìn ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ ló kó lọ, fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

Ilé tó ti gbé kẹ́yìn ni Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ lọ. Ayálégbé tuntun ló bá níbẹ̀, kò mọ onílé, aṣojú onílé ló mọ̀. Jẹ́jẹ́ bá gba ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ àti ilé sílẹ̀ lọ. Orúkọ onílé wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè béèrè. Obìnrin arúgbó kan ni. Kò mọ ibi tí awakọ̀ náà kó lọ, àmọ́ ó rántí orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lára ọkọ̀ tó máa ń gbé wálé.

Ọgbà iléeṣẹ́ náà ti di ahoro. Ó tún lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, torí dandan ni kí iléeṣẹ́ kọ ibi tí kóòtù lè kọ̀wé sí síbẹ̀. Wọ́n fi àdírẹ́sì tuntun hàn án: ẹ̀yìn ibùdókọ̀ reluwé.

Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní omi, ó sì kọ̀ fún un.

"Ẹ má bínú, bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni, a ní awakọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ n kò lè sọ ilé òṣìṣẹ́ wa fún àlejò, kódà bí ẹ bá tilẹ̀ wọ aṣọ kóòtù. Ẹ jẹ́ kí adájọ́ pàṣẹ fún wa."

Jẹ́jẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní kí ló dé tí kò pe iléeṣẹ́ náà, kó ní àbúrò awakọ̀ lòun. Ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò ròkè.

"Bí ẹni tó ń sá fún ọkọ tó ń nà án bá jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ńkọ́? Ilẹ̀kùn tí mo bá fi irọ́ ṣí, ẹlòmíràn náà á gba ibẹ̀ wọlé."

Ó kọ ibi gbogbo tó dé sílẹ̀, ó sì búra sí i. Agbẹjọ́rò ìyá àgbà gbé ìwé ìbúra náà lọ bá adájọ́, adájọ́ sì pàṣẹ kí iléeṣẹ́ náà fi àdírẹ́sì ọ̀hún ránṣẹ́ sí kóòtù, fún ẹjọ́ yìí nìkan. Obìnrin ọjọ́sí fi ránṣẹ́ láìjáfara.

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe ni. Ọkùnrin gíga kan, tí ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ṣì wà lágbọ̀n rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ béèrè orúkọ rẹ̀, ó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, ó ní ìyá ìyàwó rẹ̀ ló pe ẹjọ́, ọjọ́ tí wọn yóò gbọ́ ọ wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kà á, ó tún un kà.

"Ṣé wọ́n fẹ́ gba ọmọ mi ni?"

"Iṣẹ́ mi kò gbà kí n dá sí ẹjọ́ yín," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi fèsì. "Àmọ́ torí kí wọ́n lè gbọ́ tẹnu yín ni mo ṣe wá yín."

Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa lọ. Ó dúró díẹ̀ títí ọkùnrin náà fi rójú nu ọṣẹ kúrò.

Ọkùnrin náà wá sí kóòtù. Kò tako ohun tí ìyá àgbà béèrè. Ó ní ojú ọmọ jọ ti ìyá rẹ̀ jù, òun kò lè wò ó, ìtìjú ni kò sì jẹ́ kí òun padà wá. Adájọ́ fi ìyá àgbà ṣe alágbàtọ́, ó ní kí bàbá máa wá wo ọmọ rẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà bú u dáadáa, ó pè é ní òmùgọ̀ ọmọ òun, lẹ́yìn náà ló wá tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, etí tó ń dun ọmọ náà sì ti sàn báyìí.