Òjìji tí Wọ́n Ní kí Ìyá Funfun Pa Rẹ́

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2023, ilé fọ́tò kan gba iṣẹ́ láti fi ọkùnrin kan tí kò sí nílé sínú fọ́tò ẹbí rẹ̀. Mo yẹ ọjọ́ náà wò lára fáìlì tó ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ìyókù, ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni mo ti gbọ́ ọ. Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí n kì í tètè gba ìtàn tó bá ti ní òjìji nínú gbọ́.

Ìyá Funfun ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin tó ṣe iṣẹ́ náà. Kì í ṣe pé ó pupa tàbí pé ó mọ́ lára, ó dúdú bí kóró iṣin. Ohun tó fa orúkọ náà ni pé ohunkóhun tó bá dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á di funfun. Àwọn tó ń ta bàtà, ìkòkò àti báàgì lórí fóònù ló ń gbé fọ́tò ọjà wọn wá. Á fi máòsì kọ̀ǹpútà rẹ̀ tọ etí ọjà náà yípo, díẹ̀díẹ̀, á sì yọ kọ́tìnì, ilẹ̀ àti ìka ẹni tó dì í mú kúrò. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù ni òjìji abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà kan á ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìyá Funfun ní òfin tirẹ̀: ohun tó bá dúró lórí ilẹ̀, fi òjìji díẹ̀ sílẹ̀ fún un, ohun tí wọ́n bá fi kọ́, pa á rẹ́.

“Bàtà tí kò ní òjìji kò tíì balẹ̀,” ló sọ fún mi. “Ta ló fẹ́ ra bàtà tó ń fò?”

Ìyá kan àti àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló gbé iṣẹ́ ọjọ́ náà wá. Ọmọ kejì ìyá yìí ló jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí kò sì padà wálé mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan. Fóònù rẹ̀ ò lọ, ẹnikẹ́ni ò rí òkú rẹ̀. Bàbá ilé ti gbà pé ọmọ ti kú. Ìyá ní ẹni tó bá rí òkú ni kó wá sọ fún òun. Bí ilé ṣe pín sí méjì nìyẹn, tí wọ́n sì jọ ń jẹun nínú rẹ̀.

Ẹbí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ya fọ́tò lórí koríko níwájú ilé fún ọjọ́ ìbí bàbá. Ìyá ní wọn ò ní í kọ́ ọ sára ògiri òun àfi bí ọmọ òun bá wà nínú rẹ̀. Kódà, nígbà tí wọ́n ń yà á, ó fi àyè ènìyàn kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Nínú fóònù ni wọ́n ti rí fọ́tò ọmọ náà tó kẹ́yìn: ó dúró lórí sìmẹ́ńtì, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín, òjìji rẹ̀ sì nà gbọọrọ nílẹ̀.

Gígé rẹ̀ kò le. Ìyá Funfun gbé e sí àyè tí ìyá fi sílẹ̀, ìgbà náà ló rí i. Nínú fọ́tò ẹbí, apá òsì ni oòrùn ti ń ràn, òjìji gbogbo wọn sì lọ sápá ọ̀tún. Ti ọmọ yìí, apá ọ̀tún ni oòrùn wà, òjìji rẹ̀ sì forí lé apá òsì, tààrà síbi bàtà ìyá rẹ̀. Oòrùn di méjì nínú fọ́tò kan.

Ẹ̀gbọ́n ní kó pa á rẹ́, kíá. Ó pa á rẹ́. Lójú ẹsẹ̀, ọmọ náà kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan koríko, síbẹ̀ ó dà bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn tí kò sí. Ìyá Funfun ní òun rí i kedere pé kò balẹ̀ mọ́. Mo bi í bóyá ojú tó ti ń wo bàtà láti ọjọ́ yìí ló ń tàn án. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ ti pa á,” ni ìyá wí.

“Màmá, fọ́tò lásán ni,” ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn.

“Bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe wí. ‘Màmá, ibi iṣẹ́ lásán ni mò ń lọ.’”

Ìyá Funfun wá dọ́gbọ́n. Ó yí ọmọ náà padà bí ẹni tó wà nínú dígí, òjìji rẹ̀ sì bá ti àwọn yòókù lọ. Iṣẹ́ tó máa ń fi bàtà ṣe ni. Ó ti fi fọ́tò bàtà ẹsẹ̀ kan ṣe méjì rí, ẹni tó rà á ò sì mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá gbé ojú sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tún gbé e jìnnà.

“Ìpéǹpéjú òsì ni ọmọ mi ti gbọgbẹ́. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti rán an. Ta lẹ gbé wá yìí?”

Wọ́n wo àpá náà. Apá ọ̀tún ló wà. Ìyá Funfun ní ojú tì òun ju ìgbà tí wọ́n ká òun mọ́ ìdí ọbẹ̀ lọ nígbà èwe. Ó dá ọmọ náà padà sí bó ṣe wà, ó wá ya òjìji mìíràn fún un: ó da àwòrán rẹ̀ kọ, ó sọ ọ́ di dúdú, ó dà á sílẹ̀ sápá ọ̀tún, ó jẹ́ kí etí rẹ̀ ṣe bàìbàì. Ó dára lójú. Ìyá bi í bóyá èyí ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ òun níbi tó dúró sí lọ́jọ́ náà. Kò lè purọ́. Ìyá ní kí wọ́n dá èyí tó bá a wá padà fún un.

Nígbà tí ìyá wá omi lọ, ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní tí òjìji náà bá wà níbẹ̀, ìyá òun á máa bu oúnjẹ sílẹ̀ de ọmọ náà títí ọjọ́ ikú rẹ̀, bàbá òun ò sì ní í lè sọkún ọmọ rẹ̀ láé. Ó ní kó pa á rẹ́, kó ní kọ̀ǹpútà ló jẹ ẹ́.

Ìyá Funfun jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó tẹ òjìji pa bí ẹni tó ń pa iná, ọmọ náà gbéra nílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ hàn, ó balẹ̀. Ó ní nígbà kọ̀ọ̀kan tí òun bá pa á, ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu yẹn máa ń yí padà, bí ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta. Mo wo fáìlì náà fúnra mi, mo tẹ̀ ẹ́ pa, mo tẹ̀ ẹ́ hàn. Ẹnu kan náà ni. N kò tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ó fi òjìji náà sílẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé kò sí nínú ọjà òun láti mú ohun tí ènìyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé wá kúrò. Ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ náà, ó sọ sìmẹ́ńtì tó yí i ká di funfun, ó sì tò ó kí ibi funfun má hàn rárá, kí ibi dúdú kàn mú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn. Koríko wá hàn láàárín òjìji náà bí ẹni pé ibẹ̀ ló dúró sí. Níbi tó ti kan bàtà ìyá, ó ká a sókè kó gun orí bàtà náà, bí òjìji gidi ṣe máa ń gun ohun tó bá pàdé.

Ẹ̀gbọ́n ka owó sílẹ̀, ó sì gbé e lọ.

Mo lọ wò ó nílé ẹbí náà. Ó wà nínú pálọ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n. Ìyá ń fi aṣọ nu gíláàsì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń wo fóònù. Wọ́n ní bàbá kò tíì dúró níwájú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó jáde láti yàrá nígbà tó gbọ́ ohùn àlejò, ó kí mi, ó wá rìn lọ síbẹ̀. Ó fi ìka tọ òjìji àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sápá ọ̀tún, títí ó fi kan èyí tó ń bọ̀ wá pàdé wọn. Ìka rẹ̀ dúró. Ìyá ò nu gíláàsì mọ́.

“Oòrùn kan náà ló ràn sí gbogbo wa lára,” ni bàbá wí. “Tirẹ̀ yìí, ibo ló ti ń ràn?”