Ìka Tó Ń Kan Tábìlì

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní Ìwó, láyé tí a ṣì ń fọwọ́ to lẹ́tà onírin, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ló máa ń ka ìwé oníbàárà sókè, èmi á sì máa fojú bá èyí tí a tẹ̀ lọ. Bí Bàbá bá dé ibi tí háífínì wà, ìyẹn ìlà kékeré tó so ọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n á fi ìka kan tábìlì.

Tó bá rú wa lójú, a ó ṣí díṣọ́nárì. Síbẹ̀ wọn á ní kí n tún wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣíwájú orúkọ tó ń pọ́n. "A well-known teacher" gba háífínì, "he was well known" kò gbà á. Mo máa ń kùn ni. Òyìnbó fẹ́ràn wàhálà jù!

Nígbà tí Bàbá kú, ọmọ wọn gbé ìwé ìpè fídáù wọn wá, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi nìkan ni mo jókòó kà á, lọ́sàn-án gangan. Mo dé "a well known teacher", tí ẹni tó to lẹ́tà ti gbàgbé háífínì. Tábìlì dún, kọ́!

Mo ní oòrùn ló ń na pákó. Mo fi bírò pupa tún un ṣe.

Nísàlẹ̀, wọ́n kọ "he was well known in Iwo". Mo dúró, mo tẹ́tí sílẹ̀. Tábìlì kò dún rárá.

Ìgbà yẹn gan-an lẹ̀rù tó bà mí. Oòrùn ò kúkú mọ gírámà.