Igun Ọwọ́ Òsì Bàláǹsì Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, kó pè mí lólè. Ẹ̀jẹ̀ mi á gbóná lójú ẹsẹ̀, ohùn mi á ga dé ìsọ̀ ogún, n ò sì ní rántí mọ́ pé ọmọ Pọ́bẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ilé kéú tọ́ ni mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọjà wa ní Akpakpa nìyẹn.

Ẹja yìnyín ni mo ń tà. Firísà méjì ni mo ní, àti tábìlì kan tí mo fi páànù bò lórí. Bàláǹsì mi wà lórí rẹ̀, òṣùwọ̀n oníná tó lè gbé ọgbọ̀n kílò, tó ń fi gíráàmù mẹ́wàá-mẹ́wàá kà. Ọwọ́ tí mo fi mú un ju ọwọ́ tí mo fi mú wúrà etí mi lọ. Ohun tí n ò gbà rárá ni kí aṣọ tàbí àpò oníbàárà kan án nígbà tí mo bá ń wọn ẹja, torí aṣọ tó bá sinmi lé e lásán á ti fi nǹkan kún un. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ mi níhìn-ín, ní igun ọwọ́ òsì mi, ni mo máa ń gbé abọ́ ẹja sí, kó jìnnà sí wọn. Mo máa ń fi yangàn pé kò sí ẹlẹ́ja míì tó ń ṣọ́ra bẹ́ẹ̀.

Màmá kan láti Kétu ni oníbàárà mi tó dára jù. Kílò mẹ́wàá ló ń rà ní àràárọ̀. Ó ń dín in, ó sì ń tà á pẹ̀lú àkàsà lẹ́bàá ọ̀nà Àjàṣẹ́. Òun ló ń sọ fún èrò jù lọ pé kí wọ́n wá rajà lọ́dọ̀ mi. Ní ọjọ́ Ajé yẹn, ó ra ẹja tirẹ̀, ó lọ, kò sì pẹ́ tó fi padà dé pẹ̀lú abọ́ rẹ̀ lórí.

“Ọmọ mi, ẹja yìí ò pé,” ó wí, níṣojú àwọn tó tò síwájú mi. “Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ń gbé e lọ sórí bàláǹsì ẹlẹ́ran. Ìdajì ẹja kan ló ń dín.”

“Màmá, ṣé olè lẹ̀ ń pè mí?”

“N ò pè ọ́ ní nǹkan kan. Mo ní ẹja ò pé.”

Ẹ má bi mí ní ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ní bàláǹsì ẹlẹ́ran ló ń purọ́, mo ní òun fúnra rẹ̀ ń purọ́, mo sì fi orí àwọn ọmọ mi búra. Màmá wò mí, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Àwọn mẹ́ta nínú àwọn tó tò síwájú mi tẹ̀lé e lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́rú, àwọn tí mo ti ń ta ẹja fún láti ìgbà tí oyún àkọ́bí mi ti wà nínú mi ń gba iwájú mi kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Orúkọ mi ló ń lọ yẹn. Inú mi bàjẹ́ débi pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu.

Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ará ìjọba tó ń yẹ òṣùwọ̀n wò lọ́dọọdún dé ọjà wa. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti dé ìlà àwọn ẹlẹ́ran, tí wọ́n sì ti lẹ ìwé aláwọ̀ ewé tó ń fi hàn pé ó yege sí ara bàláǹsì ẹlẹ́ran yẹn, mo fò sókè. Mo fún ọ̀kan nínú àwọn aláàrù lówó pé kó sáré lọ pe Màmá wá. “Sọ fún wọn pé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i!”

Màmá wá. Gbogbo ìlà wa wá pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ń ta tòmátì fi tòmátì rẹ̀ sílẹ̀.

Ọkùnrin tó fẹ́ yẹ bàláǹsì mi wò ní ìbọ̀wọ́ funfun lọ́wọ́. Àwọn méjì gbé àwọn irin ìwọ̀n tó wúwo, tó ń dán, tẹ̀lé e. Ọmọ Ṣakété ni, ó sì fi Nàgó, èdè wa, kí mi. “Tàntí, ẹ kú ọjà. Ṣé kò sí ẹni tó tú èdìdì ara rẹ̀ láti ọdún tó kọjá?”

“Mùsé, ọ̀gá mi, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án! Ẹ ṣe gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ sí i. Ẹ má fi nǹkan kan bò!”

Ó wo èdìdì náà, ó pé. Ó wo omi kékeré inú dígí tó ń fi hàn bóyá bàláǹsì dúró dọ́gba. Ó gbé ẹsẹ̀ bàláǹsì kan sókè díẹ̀ títí omi náà fi bọ́ sí àárín. Ó rí i pé òfo ló ń kà. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún gbogbo wa, torí èrò ti pọ̀. Ó ní kò sí òṣùwọ̀n tí kì í ṣe àṣìṣe, àmọ́ òfin ti fi àyè tó lè gbà á sílẹ̀. Fún irú tèmi tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, láti òfo dé kílò márùn-ún, kò gbọdọ̀ fi ju gíráàmù mẹ́wàá ṣìnà; láti ibẹ̀ dé ogún kílò, gíráàmù ogún; láti ibẹ̀ dé ọgbọ̀n, gíráàmù ọgbọ̀n. “Ìbáà lé, ìbáà dín,” ó wí. “Ọ̀kan náà ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀. Igba gíráàmù, sí àárín gbùngbùn: 0,20. Kílò márùn-ún: 5,00. Ogún kílò: 20,01. Ọgbọ̀n kílò, gbogbo irin náà lórí ara wọn: 30,02. Ó tún ń gbé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló ka ohun kan náà.

Àwọn èèyàn pariwo! Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Èmi ńkọ́? Mo jó. Mo jó níwájú firísà mi, mo fi ìdí kọlu tábìlì, mo sì yíjú sí Màmá. “Màmá, ẹ rí i àbí ẹ ò rí i? Ẹ lọ bi ẹlẹ́ran yín!” Màmá ká ọwọ́ gbera.

“Ó ku kan, Tàntí,” ni Mùsé wí.

Ó ní ẹni tó ń tajà kì í fi gbogbo ìgbà gbé ọjà sí àárín, nítorí náà òfin ní kí àwọn gbé ìdá kan nínú mẹ́ta agbára bàláǹsì sí igun kọ̀ọ̀kan. Ó mú irin kílò mẹ́wàá kan ṣoṣo. Àyè àṣìṣe: gíráàmù ogún. Igun kìíní, lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà: 10,01. Ó gbé e sí ìkejì, lọ́dọ̀ wọn náà, lápá ọ̀tún mi: 9,87.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! “Ó ń fún yín ní ènì!” ni ẹlẹ́tòmátì ń ké. “Ẹ̀bùn ló ń fún ayé!” Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo ń gbá àyà, mo ń sọ pé ẹ rí i, èmi gan-an ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Mùsé mi orí, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. “Ó ti dín ju àyè lọ. Ìbáà ṣe oníbàárà ló jèrè, kò yege.” Ó gbé irin náà sí igun kẹta, lọ́dọ̀ mi níhìn-ín, lọ́wọ́ ọ̀tún mi: 9,99.

Nígbà náà ló gbé e wá sí igun ọwọ́ òsì mi. 10,14.

Mo kà á. Mo tún un kà. Ogóje gíráàmù lé, lórí kílò mẹ́wàá. Ara mi tutù bí ẹja tí mo ń tà.

“Nǹkan wúwo kan ti já lu igun yìí rí,” ni Mùsé wí. Mo rántí lójú ẹsẹ̀: nínú oṣù ààwẹ̀, páálí ẹja ogún kílò kan yọ̀ lọ́wọ́ aláàrù, ó já lu ibẹ̀. Mo ti tan bàláǹsì náà lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé iyọ̀ kílò kan sí àárín rẹ̀, ó pé, mo ní alihamdulilahi.

Àwọn ará ìlà mi ṣì ń jà fún mi. “Igun kan péré! Ta ló ń gbé ẹja sí igun?” Mùsé gbé ojú sókè láti inú ìwé rẹ̀. “Ibo lẹ máa ń gbé e sí, Tàntí?”

Ó rọrùn láti sọ pé àárín ni. Gbogbo ọjà ń retí kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀ ló ń dúró síwájú tábìlì yìí ní àràárọ̀, tó mọ ibi tí ọwọ́ mi ń lọ, Màmá sì ni. Ó lè sọ ọ́. Àmọ́ ó kàn ń wo ẹnu mi.

“Ibẹ̀ náà ni,” mo wí. “Ibẹ̀ ni mo máa ń gbé e sí. Màmá kò purọ́.”

Ojú tì mí débi tí mo fẹ́ wọ inú firísà kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Mùsé lẹ ìwé pupa sí bàláǹsì mi: n kò gbọdọ̀ fi í tajà mọ́ títí aláàtúnṣe tí ìjọba mọ̀ yóò fi tún un ṣe. Ó ní nígbà tí wọ́n bá sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn àtúnṣe, ìdajì àyè tòní ni wọn yóò fún un, bíi tuntun. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá ti lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bẹ ẹlẹ́ran tí mo pe bàláǹsì rẹ̀ ní òpùrọ́ pé kó jẹ́ kí n máa lo tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín mi tẹ́rùn kó tó gbà. Mo padà jókòó, mo ń retí ẹni tí kò ní wá.

Màmá ló kọ́kọ́ dé. “Kílò mẹ́wàá,” ó wí, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ọkàn mi fò! Mo gba abọ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹja sí i, mo dà á, mo dà á, ó ga bí òkìtì. “Màmá, ẹ máa gbé e lọ. Ẹ má wọ̀n ọ́n.”

Ó gbé e lọ sórí bàláǹsì ẹlẹ́ran, ó gbé e sí àárín gbùngbùn, èmi sì ń tẹ̀lé e. 11,36, láìka abọ́. Màmá pòṣé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn lé mi lọ́wọ́. Márùn-ún ló yọ. Bàláǹsì ka 10,02.

“Gíráàmù ogún yẹn, òfin gbà á,” ó wí. “Mo ní kí o má rẹ́ mi jẹ, ọmọ mi. N ò sọ pé kí èmi rẹ́ ọ jẹ.”

Ó san owó rẹ̀, ó gbé abọ́ lé orí, ó lọ dín ẹja. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹja márùn-ún lọ́wọ́, omi yìnyín ń ro sí ẹsẹ̀ mi, mo ń sunkún, inú mi sì ń dùn, àwọn tó wá ra ẹran ń wò mí.