Bíró Pupa Ọ̀gá Wa

Mo ti bá òpònú ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní Ọ̀rẹ̀ yìí ta gbogbo wọn yọ. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ló ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn mọ́tò Bìní ti ń já èrò sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sára pákó níta pé a máa ń túmọ̀ Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì. Faransé tirẹ̀, ẹnubodè ló ti ṣà á jọ nígbà tó ń lọ ra mọ́tò tòkunbọ̀. Èmi tí mo ka Faransé ní yunifásítì ni mò ń ṣe iṣẹ́ náà, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò gan-an ló ń bí mi nínú jù. Á tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì, á fi bíró pupa máàkì ọ̀rọ̀ Faransé kan, á wá ẹnì kejì rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, á máàkì ìyẹn náà, bí ẹni ń ka ewúrẹ́ wọlé. Èyí tí kò bá rí ẹnì kejì rẹ̀, á ní mo ti jẹ ẹ́. Lójú tirẹ̀, "ne" ni "not", "que" ni "that", ó parí.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé, ará Ṣábẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ẹnubodè, pẹ̀lú lẹ́tà tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kọ nípa rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní Òdìgbó ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú oko kòkó rẹ̀ ní Omifunfun, ọmọ ìyá náà sì ti ní àjèjì kankan ò ní wọ oko àwọn láìjẹ́ pé òun ka ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí òǹtẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

"Àǹtí, oko yẹn nìkan ni mo gbójú lé," ló wí fún mi. Yorùbá rẹ̀ dùn ju ti ọ̀gá mi lọ.

Lẹ́tà náà dára. Wọ́n kọ ọ́ níbẹ̀ pé "Il n'a pris que sa part", mo sì tẹ̀ ẹ́ pé "He took only his share": ìpín tirẹ̀ nìkan ló mú, torí "ne" (tó di "n'" níbẹ̀) àti "que" lápapọ̀ ló ń jẹ́ "nìkan". Wọ́n tún kọ ọ́ pé "Il n'est parti qu'après la récolte". Mo tẹ̀ ẹ́ pé "He did not leave until after the harvest", nítorí Gẹ̀ẹ́sì gba "not" níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ló wú mi lórí jù: "Je crains qu'on ne me le prenne." Ẹ̀rù ń ba ọ̀gá àtijọ́ náà pé ẹnì kan á já òṣìṣẹ́ gidi yìí gbà mọ́ òun lọ́wọ́. "Ne" inú rẹ̀ ò sọ pé rárá sí nǹkan kan, àwọn tó ń kọ Faransé tó gún régé ló máa ń fi í kún ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ sọ pé rárá ni, "pas" ìbá tẹ̀lé e. Mo tẹ̀ ẹ́ pé "I am afraid someone will take him from me."

Ọ̀gá mú bíró pupa jáde. Ó máàkì, ó máàkì, ó dúró.

"'Ne' mélòó ló wà nínú Faransé yìí?"

"Mẹ́ta, sà."

"'Not' mélòó lo kọ?"

"Ẹyọ kan, sà. Ṣùgbọ́n…"

"O ti jẹ méjì! Ó sì ń pe ara rẹ̀ ní gírádúéètì."

Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní tó bá ki "not" bọ ibẹ̀, ìyìn á di èébú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé èmi ni mo bí àwọn Faransé ni. Ló bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́: "He has not taken that his share." Ta ló mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Òun gan-an ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó kẹ́yìn ló wá burú jù: "I fear that they will not take him." Ìyẹn ni pé ẹ̀rù ń bà á pé kò sẹ́ni tó máa gbà á síṣẹ́. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kí n gbé e fún oníbàárà.

Mo gbé e fún un. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn mi, mi ò sì la ẹnu mi. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹrí ba.

"Ẹ ṣé o, àǹtí. Ẹ ti gbà mí."

Mo ní kò tọ́pẹ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni mo ń bú ọ̀gá nínú ọkàn mi: aláìmọ̀kan, agbéraga, oníka kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òdìgbó pẹ̀lú ìtumọ̀ tèmi. Mo bá ìyá náà níwájú ilé, ó ń yí kòkó tó sá sóòrùn. Ọkùnrin Ṣábẹ̀ẹ́ náà jókòó sórí àpò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ ìyá ti ka ìwé náà, ó sì ti gbé oko fún ẹlòmíràn láàárọ̀ yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo fi Yorùbá sọ ohun tí lẹ́tà náà sọ gan-an. Mo ròyìn ìwà òmùgọ̀ ọ̀gá mi dáadáa, kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ìyá gbọ́ mi tán.

"Nígbà tí o fi ìwé yẹn lé ọmọkùnrin yìí lọ́wọ́, ṣé o ti mọ̀ pé kò dáa?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ọ̀gá rẹ ńkọ́? Ṣé òun náà mọ̀?"

"Rárá, mà. Kò mọ̀."

Ìyá padà sídìí kòkó rẹ̀. Ọkùnrin Ṣábẹ̀ẹ́ náà wò mí, ó gbé àpò rẹ̀ lérí, ó bọ́ sí títì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kí mi pé mo ṣé.