Àpótí Tó Ṣófo Nínú Àtẹ Oògùn

Ìyàwó mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ikọ́ mi, torí àwọn méjèèjì ni wọn ò jẹ́ kí n gbádùn lọ́dún yẹn. Káfíńtà ni mí. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ikọ́ á gé e sí méjì. Tí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á gé e. Mo lè máa bá oníbàárà ná ọjà lọ́wọ́, ikọ́ á ká mi mọ́ra títí ọ̀gbẹ́ni náà á fi ní òun ń bọ̀ lọ́la, èmi náà sì mọ̀ pé kò ní padà wá. Kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, kò sí ibà. Ọ̀fun ló kàn ń yún mi. Gbogbo èèyàn ló sì mọ ohun tó fà á: eruku pákó. Wọ́n ya àwòrán àyà mi ní kílíníìkì, wọ́n ní àyà mi mọ́. Wọ́n yẹ itọ́ mi wò, wọn ò rí nǹkan kan. A jọ gbà pé eruku pákó náà ni. Mo ra ìbòmú, mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń rẹ́ pákó bọ́ síta, mo mu oògùn ikọ́ olómi títí ó fi sú mi. Ikọ́ ò gbọ́.

Ìyàwó mi wá ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ni mo ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá wọn tọ́jú yàrá àwọn aláìsàn, tó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, tó ń wẹ arúgbó. Ìgbà tí ọmọ wa kan ṣoṣo lọ sílé ọkọ ló wò mí lójú tó ní, "Ó kàn mí báyìí. Mo fẹ́ kàwé." Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é ní Màmá, torí pé ó lè bí gbogbo wọn.

Orí ẹ̀ pé, kì í ṣe pé mò ń pọ́n ọn. Àmọ́ ìdánwò oògùn ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kan, òfin ilé ẹ̀kọ́ wọn sì le: tó bá tún ṣubú, kó máa lọ sílé nìyẹn. Ohun tó ń pa á lára ni pé kò lè fi nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè kékeré, á kọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé. Ìbéèrè kejì ló ṣì wà nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dá bébà padà. Olùkọ́ wọn sọ fún un pé, "Màmá, àga kan ni mo ní kẹ́ ẹ gbé wá, ẹ ru gbogbo ilé dé."

Orí tó dá a lágara jù nínú ìwé náà ni ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Áà, orí yẹn gùn! Tẹ́ ẹ bá gbé ìwé náà lé orí pákó, á dúró bíi bíríkì. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, ọmọbìnrin kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ mú, tá à ń pè ní Sísì, ló ní, "Màmá, ẹ yé ka orí yìí bíi ìtàn. Ẹ sọ ọ́ di àtẹ. Ìdílé oògùn kọ̀ọ̀kan, ìlà tiẹ̀. Kí ló ń ṣe, kí ló lè dá sílẹ̀, kí ni nọ́ọ̀sì á yẹ̀ wò kó tó fún aláìsàn. Ó parí."

Bí àwọn méjèèjì ṣe gba orí tábìlì iṣẹ́ mi nìyẹn. Torí ta ni wọ́n fẹ́ kó fa ìlà tó gún? Wọ́n tẹ́ káàdìbọ́ọ̀dù ńlá, mo gbé rúlà àti pẹ́ńsù mi, mo fa àpótí dọ́gbadọ́gba sí i. Nọ́ọ̀sì ò tíì kọ ju ìdílé kan lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ àròyé.

"Ẹ bá mi fẹ àpótí yìí sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ò gbà."

"Mi ò fẹ nǹkan kan. Ṣé o ti rí ibi tí dúrọ́ọ̀ ti tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ ni?" Ikọ́ gé mi. Mo dúró kó lọ tán. "Ohun tí ò bá gbà, gé e."

"Oògùn ni mo ń kọ, kì í ṣe pákó! Èwo ni kí n gé? Tó bá jẹ́ èyí tí mo gé ló pa aláìsàn ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rù ló ń mú un kọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé àṣejù ni. Sísì ló gbà wá. Ó ní, "Ẹ ò ní gé nǹkan kan dànù, Màmá. Ohun tó bá pa gbogbo wọn pọ̀, ẹ kọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan. Inú àpótí, ohun tó bá fi ìyàtọ̀ hàn nìkan ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wo àtẹ, ó sì rọra nu ohun tó ti kọ kúrò. Ó kọ ọ́ sókè gàdàgbà: gbogbo wọn ló ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó lè mú òòyì bá aláìsàn tó bá dìde lójijì, wọn ìfúnpá kó o tó fún un. Ló bá wá dé orí ìyàtọ̀. Ìdílé atenolọ́ọ̀lù: ó ń dín ìlù ọkàn kù, ka ìlù ọkàn kó o tó fún un, tó bá ti lọ sílẹ̀ jù, dá a dúró kó o sọ fún dókítà, ṣọ́ra fún oní-asímà. Ìdílé amilodipíìnì: ọrùn ẹsẹ̀ lè wú. Oògùn tí ń mú ni tọ̀ gbà á ní ìlà méjì, torí fùrosemáìdì ń da potásíọ̀mù nù nínú ara, sípírónolákítóònì sì ń dá a dúró síbẹ̀. Ó ń yára. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, inú mi sì dùn.

Ó wá ku ìdílé lisinopíríìlì àti ìdílé losatáànì. Àwọn yìí ló máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn lójú. Ó ń kà á jáde, ó ń kọ ọ́: potásíọ̀mù lè pọ̀ jù, àwọn méjèèjì. Má fún aboyún, àwọn méjèèjì. Ètè tàbí ahọ́n lè wú, ewu ńlá ni, ó wọ́pọ̀ nínú lisinopíríìlì ju losatáànì lọ. Ó tún kọ nǹkan kan sí lisinopíríìlì: ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ. Ó sún ọwọ́ lọ sí àpótí tó ṣe déédéé rẹ̀ ní ìlà losatáànì, ó wo ìwé, ó tún un wò, kò rí nǹkan kọ síbẹ̀. Ìwé ní ti losatáànì kì í sábà fa ikọ́. Àpótí yẹn wà lófìfo.

Mo wúkọ́.

Mi ò fi ṣeré, àwọn méjèèjì gbójú sókè wò mí. Pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Ó mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí èmi fúnra mi ń lò, òun náà ló máa ń fi í sọ́wọ́ mi láràárọ̀ pẹ̀lú omi. Lisinopíríìlì ni.

"Ìgbà wo ni ikọ́ yìí bẹ̀rẹ̀?" ó bi mí, ohùn rẹ̀ ti yí.

"Lẹ́yìn tí wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn ẹ̀."

Ó jókòó lé orí àpótí ìṣó mi. "Mo ti ka orí yìí títí. Ó wà níbẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n nǹkan mìíràn ni wọ́n tò ó sí, mo kà á, mo kọjá lọ. Mo tún ń pariwo lé yín lórí pé ẹ máa lo ìbòmú." Omi ń dà lójú rẹ̀. "Èmi ni mò ń fún yín lóògùn náà!"

Inú bí mi, kì í ṣe sí i. Mo ní mò ń kó oògùn náà dànù lójú ẹsẹ̀. Ó fò dìde, ó dí mi lọ́nà. "Ẹ ò gbọdọ̀! Ẹ ò ní dá a dúró fúnra yín, kí ìfúnpá má bàa gòkè. Kílíníìkì la máa lọ, lọ́jọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé kẹ̀? Ìdánwò rẹ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni! Ikọ́ tó ti bá mi gbé látọjọ́ yìí, kó dúró dìgbà tó o bá ṣe tán."

"Ẹ ò ní pa mí o. Ìdánwò wo ni mo fẹ́ ṣe tí mo bá jókòó ti ohun tí mo mọ̀?"

Ọjọ́ Ajé pé. A lọ. Èrò pọ̀ lórí ìjókòó ní kílíníìkì, Nọ́ọ̀sì ká àtẹ náà, ó fi í sábẹ́ apá, Sísì sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù pé ṣé òun ló fẹ́ lọ kọ́ dókítà ni. Mo ní kó gbé e wá, mo tẹ́ ẹ sí itan mi, mò ń bi í ní ìbéèrè látinú rẹ̀. Mo pe orúkọ oògùn bó ṣe wù mí, mo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń rẹ́rìn-ín, ó ṣì ń dáhùn. Nígbà tó kàn wá, dókítà gbọ́ tẹnu wa, ó wo ètè àti ahọ́n mi bóyá ó wú, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn náà lóòótọ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀ sí losatáànì, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi láti wo potásíọ̀mù àti kíndìnrín. Ó ní kí n ní sùúrù, ikọ́ náà lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo jókòó síta ilé ẹ̀kọ́ wọn, mò ń wúkọ́. Mo ṣáà ń wo ilẹ̀kùn. Ó jáde wá pẹ̀lú àwọn yòókù, kò kẹ́yìn.

"Mo parí gbogbo ìbéèrè," ló wí. "Mi ò mọ̀ bóyá ó tó. Mo fi ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀." Ojú rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Látìgbà yẹn, kò mẹ́nu ba ìdánwò mọ́, èmi náà ò sì bi í.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fá pákó ilẹ̀kùn kan lọ́wọ́, ni mo rí i tó ń sáré bọ̀ láti inú ilé, kò wọ bàtà.

"Kí ló dé? Èsì ti jáde?"

"Mi ò gbọ́ ohùn yín! Láti àárọ̀, mi ò gbọ́ kẹ́ ẹ wúkọ́. Mo rò pé..." Ó di igun tábìlì mú, ó ń mí gúlegúle.

Mo dúró, mo ronú. Lóòótọ́ ni. Àní láti àná, mi ò wúkọ́, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n fura. A wo ara wa bí ọ̀dẹ̀. Àṣé ó ti mọ́ ọn lára débi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń dẹ́rù bà á.

Ó wá yọ fóònù rẹ̀. Èsì ti wà níbẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná, kò lè ṣí i. Ó ní kí n bá òun ṣí i. Ọwọ́ mi kún fún eruku, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò mi, mo tẹ̀ ẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà.

"Nọ́ọ̀sì," mo ní, "o yege."

Ó bo ojú. Èmi wá lanu, mo pariwo ayọ̀, mo pè é ní Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì, títí àwọn ará àdúgbò fi yọjú lójú fèrèsé. Ariwo náà jáde lódindi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ikọ́ ò gé e.