Ibi Tí Ọkàn Rẹ̀ Lè Lù Dé

Okùn ìfò ni mo fi ń nà án. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń kó ẹrù ní èbúté Àpápá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wá kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lọ́dọ̀ mi ní Ajégúnlẹ̀. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn tí mò ń kọ́, òun náà ni mo nà jù.

Mo ra bẹ́líìtì kan tí wọ́n ń so mọ́ àyà, tó ń fi iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan hàn lójú aago. Ìṣirò tí wọ́n kọ́ mi rọrùn: mú 220, yọ ọjọ́ orí ẹni kúrò, iye tó kù ni òpin eré ọkàn onítọ̀hún. Tirẹ̀ jẹ́ 194. Mo ní kó wà ní 175 títí ràúndì á fi parí. Ó ń dé ibẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ tí á fi já wálẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè mí mọ́."

"Irọ́ ni! Ó ṣì ku ogún lára ọkàn ẹ. Ọ̀lẹ!"

Ní Sátidé kan, mo ní kí géńdé méjì máa bá a kan ẹ̀ṣẹ́, kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, láìjẹ́ kó sinmi. Wọ́n fọ́ ọ nímú. Ẹ̀jẹ̀ kán sílẹ̀, ó bì sórí ẹ̀jẹ̀ náà. Mo wo aago: 178, kò kọjá bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 194 ni mo rò pé ó lè dé. Ni mo bá fa okùn yọ, mo là á mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó yíjú padà, ó kàn mí lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, eyín mi méjì jáde. Mo gbé àpótí, mo fọ́ ọ mọ́ ọn léjìká. Kí wọ́n tó dì wá mú, ó ti ṣubú lulẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí.

A fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn eléré ìdárayá. Ó yẹ ọkàn rẹ̀ wò, kò rí àrùn kankan. Ó bi í bóyá ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, torí òmíràn nínú wọn máa ń dín eré ọkàn kù. Ọmọ náà ní òun ò lò ó.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, dókítà gbé e sórí ẹ̀rọ ìsáré, ó ń fi kún eré náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀. 179. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, 178.

Mo ní, "Dókítà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n mà ni."

"Ẹ gbọ́, sà. Agbedeméjì ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìṣirò yẹn. Ẹlòmíì á fi mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kéré sí i, ẹlòmíì á sì jù ú lọ. Bí wọ́n ṣe dá wọn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀lẹ. 175 tí ẹ ní kó dúró sí, òpin agbára rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́."

Ìtìjú mú mi. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní ẹnu géètì èbúté, láàárín àwọn trélà.

Ó ní, "Ṣebí mo ń sọ fún yín nígbà yẹn, Kóòṣì. Aago lẹ ń gbọ́."

Kò padà sọ́dọ̀ mi. Kóòṣì mìíràn ló ń kọ́ ọ báyìí, ní Kirikiri. Mo rí i níbi ìjà kan, ó fọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lágbọ̀n ní ràúndì kẹta. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó sì kọjá lọ.