Òdo Nìkan Ni
Ọdún kọkànlá rèé tí Hibatullah ti ń kọ́ni ní físíìsì ní Minna, inú ò bí i tó báyìí rí. Gbogbo kíláàsì ló kọ ọ́ sínú ìdánwò pé iná ara ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni kì í jẹ́ kí méjì wà ní ipò kan náà.

“Haba! Nútírọ́ọ̀nù tí kò ní iná lára ńkọ́? Ṣé òun ń gbà kí méjì wà ní ipò kan náà? Bí ẹ bá pààrọ̀ méjì nínú wọn síra wọn, iye tó ń ṣàpèjúwe wọn gbọ́dọ̀ di òdì ara rẹ̀. Bí wọ́n bá sì wà ní ipò kan náà, pípààrọ̀ ò yí nǹkan kan padà. Iye wo ló bá òdì ara rẹ̀ dọ́gba? Òdo nìkan! Ìyẹn ni pé kò lè ṣẹlẹ̀ láé! Ta ló fi ìsọkúsọ yìí kọ́ yín?”

Husnah, tó jókòó níwájú, ṣí nóòtì ọdún tó kọjá.

“Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ̀yin lẹ pè é tí a kọ ọ́.”